Mo kọ "akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní òye" sínú nóòtù, àmọ́ nǹkan mìíràn ni ìbéèrè mi ń wọ̀n

TíṣàOníṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni mò ń kọ́ ní ìṣirò, ìdá la sì ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èròǹgbà mẹ́ta ni mo kọ sínú nóòtù ẹ̀kọ́ mi: akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ohun tí ìdá jẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ní òye bí a ṣe ń fi ìdá méjì wé ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọrírì ìwúlò ìdá.

Mo wá fún wọn ní ìdánwò ìbéèrè 10, máàkì kọ̀ọ̀kan:

1. Kí ni à ń pe nọ́ńbà tó wà lókè nínú ìdá?
2. Kí ni à ń pe èyí tó wà nísàlẹ̀?
3. Kí ni ìdá?
4. Fi nọ́ńbà kọ ìdajì.
5. Kun 1/4 àwòrán yìí.
6. Kun 2/3 àwòrán yìí.
7. Èwo ló tóbi jù, 1/5 tàbí 3/5?
8. Èwo ló tóbi jù, 1/2 tàbí 3/4?
9. Èwo ló tóbi jù, 2/7 tàbí 6/7?
10. Sọ ìwúlò ìdá kan.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gba 8 tàbí 9. Inú mi dùn, mo ní a ti kúrò níbẹ̀. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ajé tí mo kọ 3/4 àti 5/8 sójú pátákó, tí mo ní ta ló lè sọ èyí tó tóbi jù. Ó ju ìdajì kíláàsì lọ tó ké pé 5/8 ni, "torí 5 ju 3 lọ, 8 náà sì ju 4 lọ." Àwọn ọmọ tó gba 9 wà nínú wọn!

Mo gbé ìdánwò náà fún olórí ẹ̀ka wa. Ó kọ ìlà kan péré sí i: "Ìbéèrè kò bá èròǹgbà mu. Lo ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣeé wọ̀n." Ó dá a padà fún mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é gan-an?

ỌgáLísìtì

Èyí ò le rárá, ẹ̀gbọ́n. "Mọ̀," "ní òye," "mọrírì," gbogbo wọn ni kẹ́ ẹ jù nù. Ẹ gba lísìtì ọ̀rọ̀-ìṣe Bloom, tí wọ́n pín sí ìpele ìrònú mẹ́fà láti 1956. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìpele ìsàlẹ̀, ẹ mú "dárúkọ" tàbí "to lẹ́sẹẹsẹ." Tẹ́ ẹ bá fẹ́ òye, ẹ mú "ṣàlàyé." Tẹ́ ẹ bá fẹ́ òkè, ẹ mú "ṣe ìtúpalẹ̀" tàbí "ṣe ìdájọ́." Kẹ́ ẹ kàn yọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kẹ́ ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀ nínú nóòtù àti nínú ìbéèrè. Mo ti tẹ tèmi mọ́ ara ògiri, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Akọ́mọlédè

Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ ń wá, èmi lẹ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń gba àbọ̀ ló dára fún ìbéèrè, torí ó máa ń ní nǹkan tó ń ṣe é sí: kun àwòrán, fa ìlà, ka nọ́ńbà. Ẹ ṣọ́ra fún "sọ" torí ó lè jẹ́ "sọ̀rọ̀," ó lè jẹ́ "sọ nǹkan di nǹkan." Ẹ sì rántí fi àmì ohùn sí i, kí ọmọ má baà ka "fà" sí "fá."

TíṣàOníṣirò

Ẹ ṣeun, Akọ́mọlédè, àmọ́ kì í ṣe gírámà ló dà mí láàmú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ìbéèrè ṣe máa wọ̀n ohun tí mo ní mo kọ́ wọn. ỌgáLísìtì, mo ti gbìyànjú tiyín. "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣàlàyé bí a ṣe ń fi ìdá méjì wé ara wọn." Ìbéèrè wá di "Ṣàlàyé bí a ṣe ń fi 1/2 wé 3/4." Ṣé ó ti parí nìyẹn?

ÀgbàOlùdánwò

Kò tíì parí o, Tíṣà. Ẹ jẹ́ ká fi lísìtì sílẹ̀ ná, ká mú bébà ọmọ.

Ẹ wo ìbéèrè 7, 8 àti 9, àwọn mẹ́ta tẹ́ ẹ ní wọ́n ń wọ̀n èròǹgbà kejì. Ẹ wá ṣe bí ọmọ tí ìdá kò yé rárá, tó ń wo nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ bíi nọ́ńbà méjì tí kò mọ ara wọn rí. Ní ìbéèrè 7, ó rí i pé 3 ju 1 lọ, ó mú 3/5. Ó gbà á. Ní 9, 6 ju 2 lọ, ó mú 6/7. Ó gbà á. Ní 8, 3 ju 1 lọ, 4 sì ju 2 lọ, ó mú 3/4. Ó tún gbà á. Mẹ́ta nínú mẹ́ta, àṣìṣe rẹ̀ sì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ wá fi mẹ́rin àkọ́kọ́ kún un, àwọn tó jẹ́ pé orúkọ lásán ni, ẹ fi àwòrán méjì tí wọ́n kùn kún un. Ó di 9. Ibẹ̀ gan-an ni 9 yín ti wá. Ọmọ tó sọ pé 5/8 ló tóbi jù lọ́jọ́ Ajé kò gbàgbé ohunkóhun láàárín ọjọ́ méjì. Ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ló tún ṣe.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ibi "ní òye," ẹ fi ọwọ́ bo gbogbo ìbéèrè tẹ́ ẹ ti kọ, kẹ́ ẹ bi ara yín pé: kí ni mo máa rí lórí bébà tí màá fi lè búra pé ó yé ọmọ yìí? Òye wà nínú orí, ojú ò lè rí i. Ohun tí ojú lè rí ni pé ọmọ yan ọ̀kan nínú méjì, tàbí pé ó sọ 3/4 di 6/8, tàbí pé ó to ìdá mẹ́ta láti kékeré sí ńlá. Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni ọ̀rọ̀-ìṣe yín. Inú iṣẹ́ ọmọ ló ti ń wá.

Ó ku nǹkan méjì. Robert Mager, tó kọ ìwé lórí bí a ṣe ń kọ èròǹgbà ẹ̀kọ́, ti là á sílẹ̀ láti 1962 pé èròǹgbà tó péye máa ń sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe, ipò tó máa wà nígbà tó bá ń ṣe é, àti bí yóò ṣe ṣe é dáadáa tó ká tó gbà fún un. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń kọ ti àkọ́kọ́, wọ́n á kọ ti ìkẹta nígbà míì, wọ́n á sì fo ti àárín. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín yìí, ti àárín yẹn gan-an ló bà á jẹ́. Ìdá wo pẹ̀lú ìdá wo? Ṣé èyí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn dọ́gba ni, àbí èyí tó yàtọ̀? Èròǹgbà yín kò sọ, ìbéèrè yín wá mú èyí tó rọrùn jù lára ibẹ̀. Kẹ́ ẹ tó kọ ìbéèrè kankan, ẹ lọ parí gbólóhùn yẹn.

ỌgáLísìtì

Àgbà, ẹ má bínú, ṣé ẹ ń sọ pé lísìtì kò wúlò ni? Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń sọ ìpele. "Ṣàlàyé" kò lè jẹ́ ìrántí láéláé.

ÀgbàOlùdánwò

Ó wúlò, mo ní ọ̀kan náà. Àmọ́ ẹ wò ó báyìí. Ká ní Tíṣà kọ sójú pátákó lọ́jọ́rú pé, "3/4 ju 5/8 lọ nítorí pé 3/4 jẹ́ 6/8," tí àwọn ọmọ dà á kọ sínú ìwé wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó bi wọ́n pé, "Ṣàlàyé ìdí tí 3/4 fi ju 5/8 lọ." Ọmọ tó ka ìwé rẹ̀ lóru kọ gbólóhùn yẹn kalẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan. "Ṣàlàyé" ni ìbéèrè sọ, ìrántí ni ọmọ ṣe. Tí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà sí 2/5 àti 3/10 tí wọn ò rí rí, ìbéèrè kan náà, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ti yí padà. Ohun tó wà nínú ìbéèrè àti ohun tí wọ́n ti rí ní kíláàsì ló ń sọ ìpele. Ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan kò tó.

Ti 1956 yẹn, ẹ tún padà wò ó. Orúkọ ni ìpele mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nígbà náà: ìmọ̀, òye, ìlò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2001 ni àwọn mìíràn tún un ṣe, tí wọ́n sọ orúkọ ìpele di ọ̀rọ̀-ìṣe, tí wọ́n sì gbé dídá nǹkan tuntun sílẹ̀ sókè ju ṣíṣe ìdájọ́ lọ. Àwọn lísìtì gígùn tí à ń tẹ̀ mọ́ ògiri yìí, ọwọ́ kálukú ni wọ́n ti wá. Ẹ kó mẹ́ta jọ, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan náà ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta.

ỌgáLísìtì

Hmm. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo tèmi. "Fi wé" wà ní ìpele kejì, ó tún wà ní ìkẹrin. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti wà lára ògiri tí mi ò rí i.

TíṣàOníṣirò

Àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti tún un kọ, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

"Bí a bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdá méjì tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀, tí ọ̀kan nínú nọ́ńbà ìsàlẹ̀ náà sì jẹ́ ìlọ́po èkejì, yóò sọ èyí tó tóbi jù tàbí bóyá wọ́n dọ́gba, yóò sì kọ ìṣirò tó fi mọ̀ ọ́n. Ó kéré tán, kó gba mẹ́rin nínú márùn-ún."

Mo ní kí ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po èkejì torí ibi tí mo kọ́ wọn dé nìyẹn: 4 pẹ̀lú 8, 3 pẹ̀lú 6. Àwọn ìbéèrè tí mo wá fi sí i: 1/2 àti 3/4, 1/3 àti 5/6, 1/4 àti 7/8, 1/5 àti 9/10, 2/3 àti 5/6.

ÀgbàOlùdánwò

Èròǹgbà yẹn ti dúró sán-ún. Mi ò ní ohun tí màá yọ nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ tún fi bébà ọmọ wa yẹn kọjá lórí ìbéèrè márààrún. Ọmọ tó ń sọ pé "nọ́ńbà ńlá ni ìdá ńlá" yóò mú 3/4, 5/6, 7/8, 9/10, 5/6. Ó gba márùn-ún nínú márùn-ún! Ẹ ti pààrọ̀ èròǹgbà, àmọ́ nǹkan àná náà ni ìbéèrè ṣì ń wọ̀n.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Kí n tó yan nọ́ńbà, mo máa ń kọ àwọn ọ̀nà àṣìṣe tí mo mọ̀ pé ọmọ lè gbà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí ìdá, mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ rí lọ́jọ́ Ajé, pé nọ́ńbà ńlá ni ìdá ńlá. Èkejì ni ti ọmọ tó gbọ́ ẹ̀kọ́ yín ní ààbọ̀: ó ti gbọ́ pé tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá kéré, ègé máa ń tóbi, nítorí náà ìsàlẹ̀ nìkan ló ń wò. Ìkẹta ń wo àlàfo: láti 3 dé 4, ó ku 1, láti 5 dé 8, ó ku 3, èyí tí àlàfo rẹ̀ kéré ló tóbi jù. Ìkẹta yìí máa ń tan olùkọ́ jẹ, torí ó máa ń bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Màá wá yan ìdá tí kò ní jẹ́ kí ọ̀nà kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé mẹ́rin:

a. 3/4 àti 5/8
b. 1/4 àti 3/8
d. 2/3 àti 5/6
e. 2/5 àti 3/10
ẹ. 1/2 àti 4/8

Ẹ jẹ́ ká tọ ọmọ àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀. Ní (a) yóò mú 5/8, ó kùnà. Ní (b) yóò mú 3/8, ó gbà á. Ní (d) yóò mú 5/6, ó gbà á. Ní (e) yóò mú 3/10, ó kùnà, torí 2/5 jẹ́ 4/10. Ní (ẹ) yóò mú 4/8, ó kùnà, torí wọ́n dọ́gba. Méjì nínú márùn-ún. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ti ọmọ kejì àti ìkẹta, méjì méjì náà ni ẹ ó bá. Àpẹẹrẹ kan péré: ọmọ alálàfo dé (d), láti 2 dé 3 ku 1, láti 5 dé 6 ku 1, ó ní wọ́n dọ́gba. Ó ti ṣubú.

Ìgbà náà ni "mẹ́rin nínú márùn-ún" tẹ́ ẹ kọ máa ní ìtumọ̀.

Wọléwọ̀de

Àgbà ti ṣe bẹbẹ o. Ẹ fi 2/3 àti 3/4 kún un. Ìyẹn ló máa ń mú ọmọ alálàfo jù, torí àlàfo 1 àti 1, wọ́n á ní ọgbọọgba ni.

ÀgbàOlùdánwò

Òótọ́ ni pé ó máa mú un. Àmọ́ ẹ padà ka èròǹgbà: "tí ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po èkejì." 4 kì í ṣe ìlọ́po 3. Ọmọ ní láti wá 12 kó tó lè fi wọ́n wé, Tíṣà kò sì tíì kọ́ wọn dé ibẹ̀. Tí ọmọ bá kùnà á, ẹ ò ní mọ̀ bóyá àlàfo ló ń wò tàbí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń wá 12. Ìbéèrè dáadáa ni, àmọ́ ti èròǹgbà mìíràn ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ mímú ọmọ alálàfo yẹn ni mo ti fi lé (d) lọ́wọ́, kó dúró síbi tí èròǹgbà pààlà sí.

Wọléwọ̀de

Mo gbà. Mi ò kà á dé ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sìOlùkọ́ni

Ẹ jọ̀wọ́, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo wá rí ara mi níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ di olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́, kì í ṣe ọmọdé. Èròǹgbà mi kà pé "yóò lè fi tẹmómítà wọn ìgbóná ara." "Wọ̀n" kúkú ni, ó ṣeé rí. Ìbéèrè mi sì ni: "Èwo ni ìgbóná ara ẹni tí ara rẹ̀ yá: 35, 37, 39 tàbí 41?" Gbogbo wọn mú 37. Ìgbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ẹnì kan ka 38.4 sí 38.8 fún mi.

ÀgbàOlùdánwò

Ẹ̀yin ò ní ìṣòro ọ̀rọ̀-ìṣe rárá, tiyín dára ju ti Tíṣà lọ níbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè yín ló sá fún ọ̀rọ̀-ìṣe náà. "Wọ̀n" lẹ kọ, "rántí iye kan" lẹ bi wọ́n.

Ohun tí ọwọ́ ń ṣe, bébà ò lè rí i tán. Ẹ lè ya àwòrán tẹmómítà onílà, kí ìlà mẹ́wàá kéékèèké wà láti 38 dé 39, kí ẹ ní kí wọ́n kọ iye tó wà níbẹ̀. Ìyẹn máa mú ẹni tó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sí 0.2 dípò 0.1, ó sì jọ pé òun ni ẹni tiyín: ìlà kẹrin ló kà sí 0.8. Àmọ́ èròǹgbà ìyẹn ni "kà," kò tíì di "wọ̀n." Bóyá wọ́n fi í síbi tó yẹ, bóyá wọ́n dúró tó àkókò kí wọ́n tó yọ ọ́, àfi kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìwé kékeré tẹ́ ẹ máa fi àmì sí. Nítorí náà, ẹ pín in sí méjì: èròǹgbà "kà" lórí bébà, èròǹgbà "wọ̀n" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Nọ́ọ̀sìOlùkọ́ni

Ìlà kẹrin! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, bàbá. Mo rò pé ojú ló ń dùn ún.

Akọ́mọlédè

Mo ti lóye ohun tí ẹ ń sọ báyìí, ẹ fojú fo ti àkọ́kọ́. Àmọ́ èdè wa gan-an ń dá kún ọ̀ràn yìí. "Mọ̀" Yorùbá gbòòrò jù. Èèyàn mọ Àìná, ìyẹn ni pé tó bá rí i, yóò dá a mọ̀. Èèyàn mọ ọ̀nà, ìyẹn ni pé ó lè débẹ̀. Èèyàn mọ ìlù ú lù, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Èèyàn mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́rin. Tí mo bá fẹ́ tú "akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ìdá" palẹ̀, màá bi ara mi pé: ṣé "dá mọ̀" ni, àbí "mọ̀ ọ́n ṣe," àbí "mọ̀ pé"? Tó bá jẹ́ "dá mọ̀," ẹ fi àwòrán mẹ́rin síwájú rẹ̀ kó fa ìlà yí èyí tó jẹ́ 1/4 ká. Tó bá jẹ́ "mọ̀ ọ́n ṣe," ẹ fún un ní àwòrán òfìfo kó pín in fúnra rẹ̀.

TíṣàOníṣirò

Áà, èyí wọ̀ mí lára. Ìbéèrè 5 àti 6 mi, wọ́n ti pín àwòrán náà sí ègé tó dọ́gba sílẹ̀, iṣẹ́ ọmọ kò ju kó ka ègé kó kùn ún. Mi ò tíì rí ọmọ tó fúnra rẹ̀ pín nǹkan sí mẹ́rin tó dọ́gba. Èròǹgbà àkọ́kọ́ yóò di: "Bí a bá fún un ní àwòrán tí a kò tíì pín, yóò pín in sí ègé tó dọ́gba, yóò sì kun ìdá tí a dárúkọ." Màá dín ìbéèrè orúkọ mẹ́rin yẹn kù sí ọ̀kan.

ÌyáỌlọ́gbọ́n

Èmi ni ohun kan tó ń ká mi lára. Èròǹgbà kejì yẹn sọ pé "yóò kọ ìṣirò tó fi mọ̀ ọ́n." Mo ní ọmọ kan ní kíláàsì mi tó lè wo ìdá méjì tó sì sọ èyí tó tóbi jù kíákíá, kì í sì í ṣì í. Tẹ́ ẹ bá ní kó kọ bó ṣe mọ̀ ọ́n, yóò jókòó ṣáá. Tí a bá yọ máàkì rẹ̀, ṣé ìdá la wọ̀n ni, àbí ìwé kíkọ?

ỌgáLísìtì

Mo wà lẹ́yìn ìyá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan ìdáhùn nìkan.

ÀgbàOlùdánwò

Tí wọ́n bá yan nínú méjì nìkan, ẹ ti jẹ́ kí oríire wọlé. Ọmọ tó ń ta owó ẹyọ sókè fún ìbéèrè márùn-ún lè gba mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà 6 nínú 32, ìyẹn súnmọ́ ọmọ kan nínú márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fi "wọ́n dọ́gba" ṣe ìdáhùn ìkẹta lórí gbogbo ìbéèrè, ó máa dín kù gan-an, kò ní tó ọmọ 5 nínú 100. Ìyẹn wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n kọ ohunkóhun.

Àmọ́ "kọ ìṣirò" kì í ṣe "kọ àròkọ." 6/8 tí ọmọ kọ lábẹ́ 3/4 ti tó, kò sí gbólóhùn kankan níbẹ̀. Àwòrán méjì tó pín náà tó. Mo rò pé ìyẹn ló yẹ kó wà nínú ìlànà máàkì.

ÌyáỌlọ́gbọ́n

Ọmọ tèmi kì í kọ 6/8 náà. Ó ní "mo kàn rí i" ni. Ó sì máa ń gba márùn-ún nínú márùn-ún. Mi ò tíì gbà pé ó yẹ kí n kọ sí ìwé rẹ̀ pé kò dé èròǹgbà.

ÀgbàOlùdánwò

Ẹ̀yin lẹ kọ èròǹgbà, ẹ lè yọ apá yẹn kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kó wà nínú èròǹgbà kó má sí nínú máàkì, tàbí kó wà nínú máàkì kó má sí nínú èròǹgbà.

ÌyáỌlọ́gbọ́n

Mo gbọ́. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ ṣáá.

TíṣàOníṣirò

Ẹ jọ̀ọ́, èròǹgbà ìkẹta ńkọ́? "Mọrírì ìwúlò ìdá." Mo wá gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tán, mi ò rí èyí tó bá a mu. Ìbéèrè 10 mi, gbogbo wọn ló kọ "ó wúlò láti pín nǹkan," bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

ỌgáLísìtì

Ẹ yọ ọ́ dànù. Ohun tí a ò lè wọ̀n, kí ló ń wá nínú nóòtù?

ÀgbàOlùdánwò

Èmi ò ní yọ ọ́ kúrò nínú nóòtù, torí ó ń darí bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn. Mi ò kàn ní fún un ní máàkì. Kò sí bí ẹ ṣe lè bi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bóyá ó mọrírì nǹkan, nígbà tí máàkì wà níbẹ̀, tí kò ní sọ fún yín pé òun mọrírì rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn ni kó mọ ìgbà tó yẹ kó lo ìdá, ìyẹn ṣeé wọ̀n: ẹ fún un ní ìṣòro mẹ́rin, kó fi àmì sí àwọn tó nílò ìdá láàárín wọn. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú èròǹgbà, ẹ má fi "mọrírì" bò ó lójú.

Wọléwọ̀de

Níbi tèmi, fọ́ọ̀mù nóòtù ní àyè fún "ìhùwàsí," wọ́n sì máa ń dá nóòtù padà tí a ò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo ń kọ "mọrírì" síbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí nóòtù lè kọjá. Ẹ má bínú o, òótọ́ ni mo sọ.

TíṣàOníṣirò

Mo padà wá jíṣẹ́. Mo fún wọn ní ìbéèrè márùn-ún Àgbà láàárọ̀ yìí, mo ní kí wọ́n kọ ìṣirò tàbí kí wọ́n ya àwòrán. Nínú ọmọ 28, àwọn 11 ló gba mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àwọn 9 gba méjì gééré, mo sì rí ọ̀nà tí wọ́n gbà kedere lórí bébà: méje jẹ́ ti "nọ́ńbà ńlá," méjì jẹ́ ti "ìsàlẹ̀ nìkan." Ọmọ alálàfo kò sí, tàbí kó jẹ́ pé mi ò dá a mọ̀.

Àwọn 8 tó kù ló rú mi lójú. Gbogbo wọn gba mẹ́ta. Wọ́n mú (a), (e) àti (ẹ), wọ́n kùnà (b) àti (d). Mo wo ìwé wọn, 6/8 wà lábẹ́ 3/4, 4/10 wà lábẹ́ 2/5, 4/8 wà lábẹ́ 1/2. Wọ́n mọ̀ ọ́n yí padà. Lábẹ́ 1/4, wọ́n kọ 2/8 dáadáa, wọ́n sì tún mú 1/4. Irú bẹ́ẹ̀ náà ni ti 2/3: 4/6 wà níbẹ̀, 2/3 ni wọ́n mú.

ÀgbàOlùdánwò

Wọ́n ṣe ìṣirò tán, wọn ò lò ó. Ẹ wo ohun tó pa (b) àti (d) pọ̀: àwọn méjèèjì ni ìdáhùn ti jẹ́ ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó jọ pé "ìsàlẹ̀ kékeré ni ìdá ńlá" ló ṣì ń ṣe ìpinnu fún wọn, 2/8 yẹn kàn jẹ́ ohun tí tíṣà ní kí wọ́n kọ. (ẹ) nìkan ni wọ́n ti gbọ́ràn sí ìṣirò ara wọn lẹ́nu, bóyá torí 4/8 fojú hàn gbangba pé ó jẹ́ ìdajì.

Ẹ pe méjì nínú wọn lọ́tọ̀, ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń rò bí wọ́n ṣe ń ṣe (b). Ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè kankan láàárín, ẹ kàn gbọ́.

TíṣàOníṣirò

Ọ̀la ni. Mo sì ti rí i pé èròǹgbà mi sọ "yóò kọ ìṣirò," kò sọ pé kó fi ìṣirò náà yàn. Àwọn mẹ́jọ yìí kọ ọ́.